Àwo Ìgbọ̀nsẹ̀ Tí Garawa Omi Kan Tó Fún

Ní Mówè tí mo ń gbé, bí iná ọba bá lọ, ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Garawa ni a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bákan náà ni ní Ìbàfò àti Ifọ̀.

Àwo tí mo bá nínú ilé náà ni wọ́n ń pè ní sáífónì. Ọ̀nà tí ìgbẹ́ ń gbà jáde nínú rẹ̀ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì lọ́ bí ejò. Omi gbọ́dọ̀ kún ọ̀nà yìí lẹ́ẹ̀kan náà kí ó tó lè fa ohun tó wà nínú àwo lọ. Bí mo bá rọra da omi sí i, omi náà á ga díẹ̀, á yọ́ lọ, ìgbẹ́ á sì dúró síbẹ̀. Garawa méjì ni mo máa ń ná.

Púlọ́mbà tí mo pè kò tú nǹkan kan. Ó ní wọ́ṣídáùn ló yẹ wá. Nínú ìyẹn, ìwúwo omi tó ń já bọ́ ló ń ti ẹ̀gbin lọ. Ọ̀nà rẹ̀ kúrú, ó sì fẹ̀, nítorí náà nǹkan bíi lítà 6 tí a bá dà lẹ́ẹ̀kan náà ti tó.

Ó ní àbùkù tirẹ̀ o. Ojú omi inú rẹ̀ kéré, ìgbẹ́ a máa lẹ̀ mọ́ àwo, búrọ́ọ̀ṣì kò sì gbọdọ̀ jìnnà. Ti sáífónì fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í tètè rùn, kì í sì í pariwo.

Bí ẹ bá dé ọjà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ àwo náà. Bí ọ̀nà rẹ̀ bá lọ́ léraléra, sáífónì ni. Ti wọ́ṣídáùn a gòkè lẹ́ẹ̀kan, a sì já bọ́ sílẹ̀ tàbí sẹ́yìn.