Eegun Ẹ̀yìn Tó Wó Lára Ìyá Àgbà: Bí A Ṣe Ń Pẹ̀tù sí Ìrora àti Bí Wọ́n Ṣe Lè Dìde Láìséwu

Ìyá ẹni ọdún 74 kan bẹ̀rẹ̀ láti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi nílẹ̀ balùwẹ̀. Kí wọ́n tó nàró, nǹkan ta wọ́n gán-án láàárín ẹ̀yìn. Wọn ò ṣubú, nǹkan kan ò sì gbá wọn, nítorí náà kò sẹ́ni tó ronú kan eegun. Gbogbo ilé ní làkúrègbé ni. Ọmọ kan fi ìpara gbígbóná ra ẹ̀yìn fún wọn, èkejì lọ ra oògùn lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, Màmá ò lè jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láìpariwo, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dùbúlẹ̀ tí wọn ò mira, ìrora náà a rọlẹ̀. Àpẹẹrẹ ni mo fi ìyá yìí ṣe, àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà obìnrin á ti rí irú wọn.

Ìrora tó dé lójijì, tó ń le sí i bí ènìyàn bá dìde, tó bá jókòó tàbí tó bá wúkọ́, tó sì ń fúyẹ́ bó bá dùbúlẹ̀, ó yẹ kó mú wa fura pé ọ̀kan nínú àwọn eegun ẹ̀yìn ti wó.

Àwọn eegun tó to léra wọn láti ọrùn dé ìbàdí ló gbé wa ró. Iwájú eegun kọ̀ọ̀kan nípọn, òun ló ń gba ìwúwo ara, inú rẹ̀ sì ní ihò wẹ́wẹ́ bíi ti kànìnkànìn. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù obìnrin bá ti dáwọ́ dúró, họ́mónù tó ń dáàbò bo eegun a dínkù. Àwọn ihò náà a máa fẹ̀ sí i, ohun tó là wọ́n láàárín a sì máa fẹ́lẹ́. Ẹni tó ti ń lo oògùn bíi pirẹdinisólónì fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà nínú ewu kan náà. Kì í dunni rárá lásìkò yìí, ọdún mẹ́wàá lè kọjá kí obìnrin má mọ̀ pé eegun òun ń joro. Ọjọ́ tó bá wá bẹ̀rẹ̀ gbé nǹkan, ìwúwo òkè ara á rọ́ sí etí iwájú eegun kan, pàápàá níbi tí àyà ti pàdé ìbàdí. Iwájú eegun náà á wó wọlé, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣì dúró. Nígbà mìíràn, sísín lásán tó láti fà á.

Bó bá ṣẹlẹ̀ sí eegun méjì tàbí mẹ́ta, ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ síwájú, iké á yọ lẹ́yìn, ìró tó ti ń bá wọn mu tẹ́lẹ̀ á máa wọ́lẹ̀. A ti gbà pé ogbó ló ń mú àgbà tẹ̀, bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà eegun tó wó tí ẹnikẹ́ni ò yàwòrán rẹ̀ ló fà á. Obìnrin tó bá ti fi sẹ̀ǹtímítà 4 kúrú sí bó ṣe ga nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀ yẹ kó lọ ya ẹ̀yìn rẹ̀ wò, bí kò tilẹ̀ dùn ún.

Ẹ́síréè tí wọ́n yà láti ẹ̀gbẹ́ ló máa ń fi eegun tó wó hàn. Ṣùgbọ́n àwọn ìbéèrè kan wà tí ilé gbọ́dọ̀ bi Màmá kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn. Ṣé ẹsẹ̀ ń rọ tàbí ó ń kú tipiri? Ṣé ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń bọ́ láìmọ̀, àbí ìtọ̀ kọ̀ kò jáde? Ṣé abẹ́ wọn ò mọ̀ ọ́n mọ́ bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án? Bí ìdáhùn sí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé wọn lọ, kí ilẹ̀ má ṣu bá yín nílé, nítorí eegun lè ti máa tẹ okùn iṣan tó ń gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá. Bí ibà bá wà níbẹ̀, tí ara ń rù, tí wọ́n ti ní jẹjẹrẹ rí, tàbí tí ìrora ò dínkù rárá bí wọ́n ti ń dùbúlẹ̀, dókítà ní láti wádìí bóyá jẹjẹrẹ tàbí ikọ́ ife ló ba eegun jẹ́. Títí wọn yóò fi rí dókítà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ẹ̀yìn wọn, kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tàbí kó fà á. Eegun tí bọ́kẹ́ẹ̀tì omi wó, àtẹ́lẹwọ́ lè wó èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oògùn ìrora ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ gbọ́, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń ṣìnà. Àwọn ìyá wa mọ ìfaradà. Wọ́n á ní àwọn ò fẹ́ sọ ara àwọn di olóògùn, àwọn ọmọ á sì gbà, wọ́n á tẹ́ bẹ́ẹ̀dì dáadáa, wọ́n á ní kí Màmá máa sinmi. Ìsinmi ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kò burú. Bó bá di ọ̀sẹ̀ méjì, iṣan ẹsẹ̀ á ti rọ, eegun tí kò gbé ìwúwo á túbọ̀ fẹ́lẹ́, ẹ̀jẹ̀ lè dì ní ẹsẹ̀, àìsàn lè wọ ẹ̀dọ̀fóró, egbò sì lè yọ ní ìdí. Oògùn ìrora wà kí Màmá lè dìde. Ìyẹn ló yẹ kó pinnu bí a ṣe máa lò ó.

Parasitamọ́ọ̀lù ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Kóró kan jẹ́ mílígíráàmù 500. Àgbàlagbà tó wúwo tó kílò 50, tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sì dá, lè lo kóró méjì ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, kó má sì ju kóró mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24. Ẹni tó bá fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí dókítà dín in kù fún un. Ẹ ṣọ́ oògùn òtútù àti ibà, torí parasitamọ́ọ̀lù wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹ sì gbọ́dọ̀ kà á mọ́ mẹ́jọ náà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó sàn kí wọ́n máa lò ó ní àkókò rẹ̀ ju kí wọ́n dúró di ìgbà tí ìrora bá le. Àṣírí kékeré kan wà níbẹ̀: kí wọ́n lo ti àárọ̀ ní bíi wákàtí kan kí wọ́n tó dìde lọ wẹ̀. Nígbà náà, oògùn á ti ràn kí iṣẹ́ tó le jù lójúmọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Dikilofẹ́nákì àti ibupurofẹ́nì, tí kẹ́míìsì máa ń tà fún wa, kì í ṣe oògùn àgbà láìbéèrè. Wọ́n lè dá egbò sí inú, wọ́n lè ba kíndìnrín jẹ́, wọ́n sì lè mú ìfúnpá lọ sókè. Ìyá tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọ́dọ̀ lò wọ́n láìjẹ́ pé dókítà mọ̀. Bí parasitamọ́ọ̀lù ò bá tó, dókítà lè fi oògùn tó lágbára bíi tiramadọ́ọ̀lù kún un fún ìgbà díẹ̀. Èyí máa ń fa òòyì, òòyì sì ń fa ìṣubú, nítorí náà ẹnì kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé wọn bí wọ́n bá fẹ́ lọ tọ̀ lóru. Ó tún máa ń mú ìgbẹ́ le, ìgìrì sì máa ń dun eegun tó wó gan-an. Kí omi, ìbẹ́pẹ àti ẹ̀fọ́ pọ̀ nínú oúnjẹ wọn láti ọjọ́ kìíní, kí ẹ sì béèrè oògùn tó ń rọ ìgbẹ́.

Ní ti ìdìde, òfin kan ló wà: wọn ò gbọ́dọ̀ tẹ ẹ̀yìn síwájú, wọn ò sì gbọ́dọ̀ lọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ìyá máa ń dìde lórí bẹ́ẹ̀dì nípa gbígbé orí àti àyà sókè tààrà, ohun tó sì tẹ eegun tó wó jù lọ nìyẹn. Kí Màmá kọ́kọ́ ká orúnkún méjèèjì nígbà tí wọ́n ṣì nàyìn, kí wọ́n wá yí sí ẹ̀gbẹ́, kí èjìká àti ìbàdí yí papọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí wọ́n sọ ẹsẹ̀ méjèèjì kalẹ̀ létí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n sì fi ìgbọ̀nwọ́ ìsàlẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́ kejì ti ara wọn sókè. Kí wọ́n jókòó díẹ̀ títí òòyì á fi lọ kí wọ́n tó dìde. Bí wọ́n bá fẹ́ dùbúlẹ̀, ohun kan náà ni wọ́n á ṣe láti òpin wá sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ kò gbọ́dọ̀ fà wọ́n lọ́wọ́ dìde. Ẹ̀yìn èjìká àti ìbàdí ni kó fọwọ́ gbé.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n rìn dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n sì padà, bíi ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí wọ́n máa nàyìn díẹ̀ láàárín rẹ̀. Kí wọ́n fi kún un lójoojúmọ́. Ìjókòó gígùn máa ń dun ẹ̀yìn ju ìrìn lọ. Àga tó ga, tó ní apá, ló dára. Kí wọ́n gbàgbé àpótí fún ìgbà yìí.

Iṣẹ́ ilé wa ló ní ewu tí àwọn ìwé òyìnbó kì í mẹ́nu bà. Ìgbálẹ̀ kúkúrú ń mú ènìyàn tẹ̀ méjì, nítorí náà ọ̀dọ́ ni kó gbálẹ̀, tàbí kí ẹ ra èyí tó ní igi gígùn. Ẹní àtẹ́sùn ń béèrè pé kí wọ́n gbéra láti ilẹ̀. Ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá máa ń gbé ènìyàn sókè jù sílẹ̀ nínú kòtò, gbogbo gìrì yẹn sì ń lọ tààrà sí eegun. Ìyá tó jẹ́ Mùsùlùmí lè jókòó sórí àga kírun, ẹ̀sìn gbà wọ́n láyè. Èyí tó máa ń dun àwọn ìyá jù ni ti ọmọ pípọ̀n. Láti pọn ọmọ, ìyá àgbà ní láti tẹ̀ síwájú, kó gbé ìwúwo ka ẹ̀yìn, kó sì jọwọ́ ara láti fi ọ̀já dè é. Kí wọ́n gbé ọmọọmọ sí itan níjòókòó. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n pípọ̀n ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ̀rí òfin tí mo sọ yẹn wà. Lọ́dún 1984, Sinaki àti Mikkelsen ní ilé ìwòsàn Mayo ní Amẹ́ríkà jábọ̀ lórí obìnrin 59 tí eegun wọn ti fẹ́lẹ́. Nínú àwọn tó ń ṣe ìdárayá tó ń tẹ ẹ̀yìn síwájú, ìpín 89 nínú ọgọ́rùn-ún ni eegun tuntun wó fún. Nínú àwọn tó ń na ẹ̀yìn nàró, ìpín 16 ni. Obìnrin wọn kò pọ̀, síbẹ̀ títí dòní, ẹ̀yìn nínà ni àwọn tó ń fi ìdárayá wo aláìsàn ń kọ́ wọn bí ìrora bá ti rọ̀: kí wọ́n jókòó, kí wọ́n fa èjìká sẹ́yìn títí egungun èjìká á fi súnmọ́ra, kí wọ́n dúró ka márùn-ún, kí wọ́n wá tu ara sílẹ̀.

Ìrora á ti rọ̀ gan-an láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, eegun á sì san ní bíi ọ̀sẹ̀ méjìlá. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, tàbí tí ìrora tuntun yọ lójú ibòmíràn, kí wọ́n padà lọ yàwòrán, torí nínú obìnrin márùn-ún tí eegun ẹ̀yìn wó fún, nǹkan bí ẹnì kan ni òmíràn á wó fún kí ọdún tó yí po. Kò yẹ kí Màmá kúrò nílé ìwòsàn pẹ̀lú oògùn ìrora nìkan. Ẹ bi dókítà ní oògùn tó ń mú eegun le, bíi alẹndironéètì, tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ láàárọ̀ lórí ìfun òfìfo, pẹ̀lú omi ife kan kíkún. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé e mì, wọn ò gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀, wọn ò sì gbọ́dọ̀ jẹun fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó má baà dá egbò sí ọ̀nà ọ̀fun. Bí dókítà ò bá mẹ́nu bà á, ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá wọn béèrè kí ẹ tó gba káàdì yín jáde.