Láti Ẹ̀yìn Wá Síwájú: Bí A Ṣe Ń Fi Ọwọ́ To Òkìtì Ìwé Ìdánwò



Ọ̀kan nínú yín tó ń ṣe olùkọ́ ní Igbotako, nílẹ̀ Ìkálẹ̀, ló fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n kó ìwé ìdáhùn ìdánwò àpapọ̀ tó tó 600 síwájú òun àti ẹnìkan péré. Nọ́ńbà àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ láti 001, ó parí sí 600, ṣùgbọ́n àwọn ìwé ọ̀hún ti dà pọ̀ mọ́ra wọn bí ẹ̀wà àti àgbàdo. Ó ní báwo lòun ṣe lè tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, kí ìwé ọmọ kankan má sì sọnù. Ìbéèrè gidi ni. Ọmọ tí wọn ò bá rí ìwé rẹ̀, "kò wá" ni wọ́n máa kọ síwájú orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà wá, ó jókòó, ó kọ ọ́ tán.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe ni pé ká mú ìwé kan, ká wá àyè rẹ̀ láàárín àwọn tá a ti tò, ká tì í bọ̀ ọ́. Ìyẹn dáa fún ìwé ogún. Nígbà tí èyí tá a ti tò bá fi máa tó 300, gbogbo ìwé tuntun ló ń béèrè pé ká tún ṣí òkìtì ńlá náà wò. Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ ló ń le sí i, ojú á sì máa ṣú.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kò béèrè pé ká fi ìwé kan wé èkejì rárá. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè é ní rédíìsì sọ́ọ̀tù. Gbòǹgbò ni rédíìsì túmọ̀ sí nínú èdè Látìn, gbòǹgbò tá a fi ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀, ìyẹn mẹ́wàá. Ohun tẹ́ ẹ nílò kò ju àyè òkìtì mẹ́wàá lọ, láti òdo títí dé mẹ́sàn-án. (Ẹni tó bá ń gbé ìtòsí Òkìtìpupa kò tún nílò kí n ṣàlàyé ohun tó ń jẹ́ òkìtì.) Ẹ kọ 0 sí 9 sórí bébà, ẹ tẹ́ wọn sórí bẹ́ǹṣì gígùn méjì, ẹ sì ti fèrèsé ọ̀hún, nítorí atẹ́gùn.

Ibi tó ti ń ya èèyàn lẹ́nu nìyí: ẹyọ tó gbẹ̀yìn lẹ máa kọ́kọ́ wò. Ìwé 214, òkìtì 4 ló ń lọ. 107, òkìtì 7. Ẹ ò tíì bìkítà nípa nọ́ńbà tó wà níwájú. Tẹ́ ẹ bá pín gbogbo rẹ̀ tán, ẹ kó àwọn òkìtì jọ láti 0 dé 9 di òkìtì kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà, ẹ tún un pín, ipò ẹ̀wá lẹ máa wò lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ kó o jọ. Ẹ pín in lẹ́ẹ̀kẹta, ipò ọgọ́rùn-ún. Ẹ kó o jọ, ó parí.

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́, torí náà ẹ jẹ́ ká fi mẹ́sàn-án péré dán an wò. Bí wọ́n ṣe tò láti òkè wá sílẹ̀ nìyí:

```
214 031 107 230 114 207 131 030 104
```

Tá a bá fi ẹyọ ìkẹyìn pín wọn, òkìtì 0 gba 230 àti 030. Òkìtì 1 gba 031 àti 131. Òkìtì 4 gba 214, 114, 104. Òkìtì 7 gba 107 àti 207. Ẹ kíyè sí i pé nínú òkìtì 4, 214 ló wà lókè nítorí òun ló kọ́kọ́ dé. Ẹ wo bó ṣe rí lẹ́yìn ìpele kọ̀ọ̀kan:

```
ẹyọ:      230 030 031 131 214 114 104 107 207
ẹ̀wá:      104 107 207 214 114 230 030 031 131
ọgọ́rùn-ún: 030 031 104 107 114 131 207 214 230
```

Ní ìpele kejì, 104 àti 107 jọ bọ́ sí òkìtì 0. Kò sẹ́ni tó tún wo 4 àti 7 wọn, síbẹ̀ 104 ló ṣáájú, torí pé ìpele kìíní ti fi í ṣáájú, a ò sì da ètò náà rú. Ẹ̀mí ọgbọ́n yìí nìyẹn. Nígbà tí ìwé méjì bá bára wọn nínú òkìtì kan náà, èyí tó ti wà níwájú tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níwájú síbẹ̀.

Ọwọ́ wa ló sì máa ń ba ìyẹn jẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń mú ìwé láti òkè òkìtì, tẹ́ ẹ sì ń gbé e lé orí òkìtì mìíràn pẹ̀lú ojú rẹ̀ sókè, èyí tó kọ́kọ́ dé ló máa wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ètò ti yí padà nìyẹn. Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn: ẹ ka nọ́ńbà náà, kí ẹ wá dojú ìwé bolẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń gbé e sórí òkìtì. Tí òkìtì bá pé, ẹ gbé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ yí i padà, èyí tó kọ́kọ́ dé á bọ́ sókè. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ to káàdì oníhò láyé ìjọ́sí náà, ìdojúbolẹ̀ ni wọ́n ń kó káàdì sínú ẹ̀rọ.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ẹ ti gbàgbé? Ká ní ní ìpele ẹ̀wá lẹ gbàgbé láti dojú wọn bolẹ̀, tẹ́ ẹ wá ṣe ìpele kẹta bó ṣe yẹ. Èyí lẹ máa rí:

```
031 030 107 104 114 131 207 214 230
```

Ọgọ́rùn-ún tò, ẹ̀wá tò, ṣùgbọ́n 031 ṣáájú 030, 107 ṣáájú 104. Tí ẹyọ ìkẹyìn bá ń sọ̀ kalẹ̀ báyìí nígbà tí gbogbo ìyókù ń gòkè, ìpele kejì ni kẹ́ ẹ mú. Tí òkìtì ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan bá ń sọ̀ kalẹ̀ látòkè délẹ̀, ìpele kẹta ni.

Ìdí tí wọ́n fi máa ń bi mí pé kí ló dé tá ò bẹ̀rẹ̀ láti ọgọ́rùn-ún yé mi. Ibẹ̀ lojú èèyàn máa ń kọ́kọ́ lọ. Kò burú tí ọwọ́ bá pọ̀. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ mẹ́fà, ẹ kọ́kọ́ fi ọgọ́rùn-ún pín in, kí kálukú gbé tirẹ̀ lọ tò. (Òkìtì 6 ní ìwé kan ṣoṣo, ìyẹn 600, ẹ fún ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ bá yá jù.) Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹ̀yin méjì àti bẹ́ǹṣì méjì, ẹ máa ní láti tọ́jú àwọn òkìtì tó kù síbìkan nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣí ọ̀kan, kẹ́ ẹ tún pín ìyẹn sí mẹ́wàá, kẹ́ ẹ tún pín mẹ́wàá ọ̀hún. Àyè ò ní gbà á. Tá a bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, òkìtì kò ní ju mẹ́wàá lọ nígbà kankan.

Ìdí kan náà ló jẹ́ kó bá ẹ̀rọ mu. Nígbà ètò ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti 1890, káàdì oníhò ti Herman Hollerith ni wọ́n lò; ẹ̀rọ á ka ihò, ìdérí àpótí kan á ṣí, akọ̀wé á sì fọwọ́ ju káàdì sínú rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tó tẹ̀ lé e ló wá ń fúnra wọn to káàdì, ipò nọ́ńbà kan lẹ́ẹ̀kan, láti apá ọ̀tún wá. Ní 1954, Harold Seward ní MIT kọ bí kọ̀ǹpútà ṣe lè ṣe é láìfi àyè ṣòfò: kó kọ́kọ́ ka iye tó máa bọ́ sí òkìtì kọ̀ọ̀kan, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò iṣẹ́ olùkọ́ wa. Ìwé 600, ìpele mẹ́ta, ìgbésílẹ̀ 1,800 nìyẹn. Tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú àáyá méjì, wákàtí kan ni, yàtọ̀ sí àsìkò tá a fi ń kó òkìtì jọ. Nọ́ńbà WÁẸ̀KÌ gùn tó ẹyọ mẹ́wàá lóòótọ́, ṣùgbọ́n méje ìṣáájú jẹ́ ti ibùdó ìdánwò. Nínú ilé-ìwé kan, mẹ́ta ìkẹyìn nìkan ló yàtọ̀, ìpele mẹ́ta náà ni. Ní yunifásítì tí ọdún ìwọlé bá wà nínú nọ́ńbà, ọdún yẹn ló ṣe pàtàkì jù, nítorí náà òun lẹ máa fi pín gbẹ̀yìn. Ọmọ tó bá kọ 31 dípò 031, ẹ gbà pé òdo wà níwájú rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan fún àwọn tẹ́nìkan ń pe nọ́ńbà, tẹ́nìkejì ń gbé ìwé: ẹ má fi Yorùbá wa àtàtà pè é o! Tí mo bá pe 77 ní mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, ọgọ́rin ló máa dún létí ẹni tó ń gbé ìwé, ẹ̀ẹ̀ta ló sì kọ́kọ́ gbọ́, bẹ́ẹ̀ kò sí 8 tàbí 3 níbẹ̀. 137 di mẹ́tàdínlógóje, ogóje sì ni 140. Ẹyọ kan tí ìpele yẹn nílò ni kẹ́ ẹ pè: "Méje!" Ó tán.

Ó wá ku ìwé tó "sọnù". Ẹ fi ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tó wá sí gbọ̀ngàn yẹ òkìtì tó ti tò náà wò. Ká ní ọmọ tó ni 131 buwọ́ lùwé, ṣùgbọ́n láti 130 ẹ bọ́ sí 132. Ẹ má tíì kọ "kò wá". Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ka ẹyọ kan ṣì ní ìpele kan, 1 tó dà bíi 7, 4 tó dà bíi 9. Tó bá jẹ́ ní ìpele ọgọ́rùn-ún ló ti ṣẹlẹ̀, ìwé náà á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 031, 231, 331, 431 tàbí 531, torí ẹ̀wá àti ẹyọ rẹ̀ ti tò kó tó ṣìnà. Tó bá jẹ́ ìpele ẹ̀wá, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 101, 111, 121 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ dé 191. Tó bá jẹ́ ìpele ẹyọ, kò kúrò láàárín 130 sí 139. Ibi márùn-ún, mẹ́sàn-án, àti mẹ́sàn-án: 23 lápapọ̀, dípò 600. Àṣìkà kan ṣoṣo ni ìṣirò yìí gbà o. Tí wọ́n bá ṣì í kà lẹ́ẹ̀mejì, ó lè wà níbòmíràn. Tẹ́ ẹ bá wo ibi 23 yìí tẹ́ ẹ ò rí i, ẹ ṣí àwọn ìwé tó nípọn ju ẹgbẹ́ wọn lọ wò, bóyá ó wọ inú ọ̀kan lára wọn, kẹ́ ẹ tó padà sí gbọ̀ngàn lọ wo abẹ́ àwọn àga.