Ìtàn Kan, Ìpele Mẹ́ta: Bí Olùkọ́ Ṣe Ń Kọ Àyọkà fún Kíláàsì Kẹrin

Nínú kíláàsì kẹrin ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo, yálà ní Ṣakí tàbí ní Àgbádárìgì, olùkọ́ máa ń rí ọmọ tó ń ka ìwé ìtàn fúnra rẹ̀ nígbà ìsinmi, á rí èyí tó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì tún rí èyí tó jẹ́ pé orúkọ ara rẹ̀ nìkan ló lè kà láìṣìnà. Ìwé àkàyé kan náà ni gbogbo wọn ń ṣí. Èyí tó mọ̀wé á ti kà á tán kí olùkọ́ tó yíjú padà. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n kà á máa da ìdáhùn ẹni tó jókòó tì í kọ.

Ohun tí olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń ṣe ni pé á kọ ìtàn kan ṣoṣo ní ìpele mẹ́ta, kí àwọn ọmọ lè ka èyí tí agbára wọn ká, kí wọ́n sì lè jọ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹrù tó wà lórí gbólóhùn ló ń dín kù láti ìpele kan sí òmíràn. Ìrònú inú ìtàn náà kò gbọdọ̀ dín kù, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ àyọkà onípele ti ń bàjẹ́: wọ́n á fi ìrònú sílẹ̀ fún àwọn tó mọ̀wé, wọ́n á wá fi dídà kọ sílẹ̀ fún àwọn yòókù.

Kí olùkọ́ tó kọ ohunkóhun, ó ní láti mọ ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan dé. Ẹgbẹ́ Pratham tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Mumbai ní Íńdíà ní ọdún 1995 sọ iṣẹ́ yìí di fúfúyẹ́. Láti ọdún 2005 ni wọ́n ti ń lo bébà kan láti ojúlé dé ojúlé: lẹ́tà, ọ̀rọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìpínrọ̀ kúkúrú, àti ìtàn tó gùn díẹ̀. Ibi tí ọmọ bá kà dé, ibẹ̀ ni ìpele rẹ̀. Olùkọ́ lè kọ irú bébà bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kó sì pe àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì rẹ̀ nígbà tí àwọn tó kù bá ń ṣe iṣẹ́ mìíràn.

Fún ọmọ tó bá ti ń ka ìtàn, ìwọ̀n míì wà tí Emmett Betts, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, kọ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1946. Bí ọmọ bá ka ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀, tí àṣìṣe rẹ̀ kò ju márùn-ún lọ, àyọkà yẹn bá a mu bí olùkọ́ bá wà nítòsí. Bó bá ju mẹ́wàá lọ, àyọkà náà ti wúwo jù fún un. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Betts ń wò nígbà yẹn, nítorí náà olùkọ́ Yorùbá ní láti kọ́kọ́ pinnu ohun tó ń pè ní àṣìṣe. Ọmọ Ìbàdàn tó pe «ṣe» bí ẹni pé «se» ni wọ́n kọ kò ṣìwé kà. Ẹ̀ka èdè rẹ̀ ló fi kà á. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ka «ọkọ̀» sí «ọkọ́», tí kò sì padà tún un kà, ti ṣìnà, nítorí ohun tó ń rò lọ́kàn ti yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ìwé. Èyí ló fà á tí kò fi yẹ kí olùkọ́ yọ àmì ohùn kúrò nínú àyọkà tó rọrùn jù, bó ti wù kí ojú ìwé náà fúyẹ́ tó lẹ́yìn náà. Ọmọ tí kò mọ̀wé kà ló nílò àmì ohùn jù lọ, nítorí kò tíì lè fi ìyókù gbólóhùn mọ ohun tí ọ̀rọ̀ kan jẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ kíkọ kàn. Ìbéèrè tí gbogbo kíláàsì yóò jọ dáhùn ni kí olùkọ́ kọ́kọ́ mú, kó tó kọ ìtàn. Ká mú gààrí ṣíṣe ṣe àpẹẹrẹ, kí ìbéèrè náà sì jẹ́: «Kí nìdí tí Ṣadé fi pe ìyá àgbà ní Ọjọ́bọ̀?» Àyọkà ti àárín ló yẹ kó ṣáájú, torí láti ibẹ̀ ni olùkọ́ yóò ti dín in kù, ibẹ̀ náà ni yóò sì ti fi kún un:

«Ìyá àgbà Ṣadé rín ẹ̀gẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Wọ́n dì í sínú àpò, wọ́n sì gbé òkúta lé e lórí kí omi rẹ̀ lè jáde. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ṣadé fẹ́ gbé òkúta náà kúrò. Ìyá àgbà ní kó kọ́kọ́ wo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àpò. Ilẹ̀ náà ṣì tutù. Ṣadé tún wò ó ní Ọjọ́bọ̀. Ilẹ̀ ti gbẹ, ó sì pe ìyá àgbà.»

Àyọkà tó rọrùn jù lọ wá rí báyìí:

«Ìyá àgbà ń ṣe gààrí. Ìyá àgbà rín ẹ̀gẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Ìyá àgbà di ẹ̀gẹ́ náà sínú àpò. Ìyá àgbà gbé òkúta lé àpò náà. Omi ń kán. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ṣadé fẹ́ gbé òkúta náà kúrò. Ìyá àgbà ní, “Wo ilẹ̀.” Ilẹ̀ tutù. Ní Ọjọ́bọ̀, Ṣadé wo ilẹ̀. Ilẹ̀ ti gbẹ. Ṣadé pe ìyá àgbà.»

Ẹni tó bá yára kà á lè sọ pé «ìyá àgbà» ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìdí wà fún un. «Wọ́n» tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà náà la fi ń sọ̀rọ̀ ẹni púpọ̀. Bí olùkọ́ bá béèrè pé ta ló rín ẹ̀gẹ́, tí ọmọ sì dáhùn pé Ṣadé àti ìyá àgbà ni, «wọ́n» ló ṣì í lọ́nà. Kí a tún orúkọ pè títí ọ̀nà á fi là sàn ju kí ọmọ máa fọ̀nà mọ̀nà lọ.

Gígùn ọ̀rọ̀ kọ́ ló ń mú kí Yorùbá ṣòro kà. «Labalábá» gùn, síbẹ̀ ọmọ tó mọ lẹ́tà á kà á ní sílébù-sílébù títí yóò fi dé òpin. Gbólóhùn bíi «Bí kò bá ṣe pé ilẹ̀ ti gbẹ, ìyá àgbà kì bá tí gbé òkúta náà kúrò» ló ń dá ọmọ dúró, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ọ̀rọ̀ tó gùn nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké bíi bí, bá, tí àti kì ló gbé ẹrù náà. Ìsúnkì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: «kí ni ó» rọrùn fún ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkà ju «kí ló» lọ. Ìdí nìyí tí kíka iye lẹ́tà inú ọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ṣe ń fi díwọ̀n ìwé Gẹ̀ẹ́sì, kò fi wúlò púpọ̀ níbí.

Ní ìpele tó ga jù, ẹrù lè pọ̀, ìtàn náà sì lè má sọ ohun gbogbo jáde:

«Bó ti wù kí Ṣadé máa kánjú tó, ìyá àgbà kì í yan gààrí tí omi rẹ̀ kò bá tíì gbẹ, nítorí pé oró wà nínú omi ẹ̀gẹ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí Ṣadé nawọ́ sí òkúta tí wọ́n ti gbé lé àpò láti ọjọ́ Ajé, ojú ni wọ́n fi tọ́ka sí ilẹ̀ tó tutù lábẹ́ rẹ̀. Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni Ṣadé rí i pé ibi tó ń tutù tẹ́lẹ̀ ti funfun, ló bá sáré lọ pe ìyá àgbà.»

Àyọkà yìí kò sọ pé ilẹ̀ gbẹ. Ọmọ ló máa fi «funfun» mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè ló kù, òun gan-an ló sì gba ìṣọ́ra jù. Ẹ wo gbólóhùn yìí tí kò ní ìtumọ̀ rárá: «Àgbìsọ̀ kan fẹ́pẹ̀ sí inú kírúdá.» Kí ni ó fẹ́pẹ̀ sí inú kírúdá? Ẹnikẹ́ni lè dáhùn pé àgbìsọ̀ ni, á gba máàkì, síbẹ̀ kò lóye ohunkóhun. Ìbéèrè «Ọjọ́ wo ni ìyá àgbà rín ẹ̀gẹ́?» kò jìnnà sí irú rẹ̀. Ó dára kí ọ̀kan wà kí ọmọ lè fi bẹ̀rẹ̀, àmọ́ bí gbogbo ìbéèrè tó wà lábẹ́ àyọkà tó rọrùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ yẹn á parí ọdún láìronú lórí ìwé tí wọ́n kà.

Ìbéèrè mìíràn wà tí kò nílò ìwé rárá. Ọmọ tó dàgbà nílé tí wọ́n ti ń jẹ ẹ̀bà mọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe gààrí kí ó tó dé ilé ẹ̀kọ́. Olùkọ́ lè tètè rí irú èyí: kó ka ìbéèrè sí ọmọ méjì tàbí mẹ́ta létí kí wọ́n tó rí àyọkà. Èyí tí wọ́n bá dáhùn dáadáa, kó yọ ọ́.

Àwọn kan a sì máa dán ohun mìíràn wò yàtọ̀ sí àkàyé. «Ọjọ́ mélòó ni òkúta fi wà lórí àpò?» dà bí ìbéèrè tó dáa, nítorí ọmọ ní láti so ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn pọ̀ mọ́ ìparí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá kà á bí àwọn àgbà ṣe ń ka ọjọ́ ọjà, tí wọ́n ń ka ọjọ́ àkọ́kọ́ mọ́ ọn, á sọ pé mẹ́rin. Èyí tó bá fi ìṣirò ilé ẹ̀kọ́ yọ ọ́ á sọ pé mẹ́ta. Àwọn méjèèjì ló ka ìtàn náà yé. «Kí ni Ṣadé fẹ́ ṣe ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ni kò sì jẹ́ kó ṣe é?» ṣe iṣẹ́ sísopọ̀ yẹn láìsí wàhálà. Fún ìparí, kí olùkọ́ bi gbogbo kíláàsì léèrè lẹ́nu: «Bí òjò bá rọ̀ ní Ọjọ́rú, ǹjẹ́ wíwo ilẹ̀ ṣì lè ran Ṣadé lọ́wọ́?» Ọmọ tó ka ìpele tó rọrùn jù lè borí nínú àríyànjiyàn yẹn.

Ọmọ tí kò tíì mọ lẹ́tà kò lè jàǹfààní nínú ìkankan nínú àyọkà mẹ́ta yìí. Kí olùkọ́ ka èyí tó ga jù sí i létí, kó wá bi í ní ìbéèrè. Bó bá dáhùn, a jẹ́ pé kò níṣòro nínú òye, lẹ́tà ló ń dá a dúró, ẹ̀kọ́ lẹ́tà ló sì yẹ kí olùkọ́ fún un lójoojúmọ́. Bí kò bá lè dáhùn, ó lè jẹ́ pé Yorùbá gan-an ni kò tíì yé e, bíi ti ọmọ Àgbádárìgì tí wọ́n ń sọ Ègùn nílé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ sísọ ni tirẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ìdáhùn bá dé sórí tábìlì, ìbéèrè Ọjọ́bọ̀ yẹn ni kí olùkọ́ kọ́kọ́ wò. Ọmọ tó kọ pé «nítorí pé ilẹ̀ ti gbẹ» ti rí ibi tó yẹ, kò kàn tíì parí ìrònú rẹ̀ ni, «Ilẹ̀ gbẹ, kí ló wá túmọ̀ sí?» ni olùkọ́ á fi tì í síwájú. Èyí tó kọ pé omi ti kán tán, ó ti tó yan, ti dé ibẹ̀. Èyí tó kọ pé Ṣadé fẹ́ jẹ gààrí ń sọ ohun tó wà lọ́kàn ara rẹ̀. Kí olùkọ́ ní kó fi ìka tọ́ka sí ibi tó ti rí i nínú ìwé. Àmọ́ bó bá jẹ́ àwọn tó ka ìpele tó ga jù ló pọ̀ nínú àwọn tó kọ irú ìdáhùn yẹn, àyọkà ni kí olùkọ́ yẹ̀ wò. Ó ṣeé ṣe kí «funfun» má tó láti tọ́ wọn sọ́nà, kí ó sì jẹ́ pé gbólóhùn kan péré, pé omi ẹ̀gẹ́ máa ń fi ohun funfun sílẹ̀ níbi tó bá gbẹ sí, ni àyọkà náà nílò kí wọ́n tó tún un kà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.