Kókósẹ̀ Tó Kán: Èwo Ni Ti Iṣẹ́ Abẹ?

Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tó ń múra ìdánwò lórí egungun kò ní ṣàì kọ́ lẹ́tà mẹ́ta kan sórí: A, B, C. Danis, oníṣẹ́ abẹ ará Bẹ́ljíọ̀mù, ló pilẹ̀ ìpínsọ́wọ̀ọ́ yìí ní 1949, Weber ará Súwísáláńdì sì tún un ṣe ní 1972. Ibi tí egungun tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òde ẹsẹ̀ ti kán ni wọ́n ń wò.

Iṣan líle kan ló de egungun tẹ́ẹ́rẹ́ yìí mọ́ ojúgun, lókè oríkèé ọrùn ẹsẹ̀ gan-an. Bó bá kán nísàlẹ̀ iṣan náà, A ni. Bó bá kán ní déédéé rẹ̀, B ni. Bó bá kán lókè rẹ̀, C ni. A kì í sábà yẹ̀, bàtà ìtìlẹ́yìn sì máa ń tó o. Ní ti C, iṣan náà sábà máa ń já, iṣẹ́ abẹ ló sì sábà máa ń kàn. B ló ń dà wọ́n lọ́kàn rú, torí lẹ́tà nìkan kò lè dá ẹjọ́ rẹ̀.

Ká sọ pé ìyá oníṣòwò kan yọ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́, àwòrán ẹ̀ksíréè sì fi B hàn. Kókósẹ̀ inú kò kán, àmọ́ ó wú, ó sì ń dùn ún. Ṣé iṣan inú ti já ni? Ìrora nìkan kò lè sọ. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, dókítà á ní kó dìde dúró lórí ẹsẹ̀ náà, wọ́n á sì tún un yà. Bí àlàfo ẹ̀gbẹ́ inú oríkèé kò bá ju mìlímítà 4 lọ, tó sì bá ti òkè dọ́gba, bàtà ìtìlẹ́yìn fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti tó. Bó bá ti di 7, oríkèé ti yẹ̀, irin pẹlẹbẹ àti síkúrúù ló kù.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń du mìlímítà? Ní 1976, Ramsey àti Hamilton fi hàn pé bí egungun inú oríkèé bá yẹ̀ sóde ní mìlímítà 1 péré, ibi tó ti ń fara kan ojúgun á dín ní nǹkan bí ìdá 42 nínú 100. Gbogbo ìwúwo ara á wá kó sórí ìyókù, oríkèé náà á sì tètè jẹ.

Àwọn mìíràn wà tí kì í fa àríyànjiyàn púpọ̀: egungun tó ya ara síta, kókósẹ̀ inú àti tòde tó kán pọ̀, oríkèé tó yẹ̀ tí kò gbà kó dúró lẹ́yìn tí wọ́n tò ó. Síbẹ̀, bí ẹsẹ̀ bá wú gidigidi, wọ́n lè dúró di ìgbà tí awọ bá tún hunjọ, kí ojú abẹ lè jiná.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ kókósẹ̀ tó wú kí wọ́n tó yà á. Bí wọ́n bá sì sọ pé B ni, ẹ bi dókítà yín bóyá ó yẹ kí wọ́n ya á ní ìdúró.