Ọ̀rọ̀ ìkíni-káàbọ̀ níbi ìgbéyàwó tí ẹlẹ́sìn oríṣiríṣi péjọ sí

Kò ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá kí Kìrìsìtẹ́nì, Mùsùlùmí àti Oníṣẹ̀ṣe wà nínú ìdílé kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá ń darí ìgbéyàwó, ìbáà ṣe alága ìjókòó tí ó ń ṣojú ẹbí ìyàwó níbi ìdána, ìbáà sì ṣe rẹ́jísírà ní ọ́fíìsì ìjọba, kì í sábà kí ẹlẹ́sìn kan ṣoṣo káàbọ̀. Gbólóhùn mélòó kan péré ni ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan tí a ṣì yàn nínú wọn tó láti sọ apá kan àwọn tí ó péjọ di àlejò.

Ẹ jẹ́ kí a gbé àpẹẹrẹ kan yẹ̀ wò. Ká ní ẹbí ìyàwó jẹ́ Mùsùlùmí, ẹbí ọkọ jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, àgbà kan nínú ẹbí ọkọ jẹ́ Oníṣẹ̀ṣe, àwọn ọ̀rẹ́ kan kò sì ní ẹ̀sìn rárá. Olùdarí dìde, ó ní:

> Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ káàbọ̀ sí ìsìn ìgbéyàwó yìí. A kí gbogbo onígbàgbọ́, a sì kí àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn tí ó wà láàárín wa. Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà.

Ohùn rere ni olùdarí fi sọ ọ́, síbẹ̀ kò sí gbólóhùn kan níbẹ̀ tí kò ti ẹnì kan sẹ́yìn.

Onígbàgbọ́. Bí a bá tú u palẹ̀, ẹni tí ó ní ìgbàgbọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, Kìrìsìtẹ́nì ni a ń pè bẹ́ẹ̀. Mùsùlùmí tí ó bá gbọ́ “gbogbo onígbàgbọ́” mọ̀ pé a kò tí ì dé ọ̀dọ̀ òun. Atúmọ̀ èdè tí ó bá ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò kó gbogbo ẹlẹ́sìn pọ̀ kò gbọdọ̀ lo èyí. Bákan náà ni “ará nínú Olúwa” ṣe jẹ́ ìkíni inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìsìn sì ni ohun tí a ń ṣe láti sin Ọlọ́run. Ètò tàbí ayẹyẹ ni ó yẹ kí a pe ìgbéyàwó tí ẹni gbogbo wá wò.

Ẹlẹ́sìn mìíràn láàárín wa. Àwọn wo ni “wa”? Gbólóhùn yìí pín ìjókòó sí méjì, ó fi apá kan ṣe onílé, ó sì fi apá kejì ṣe àjèjì. Dídárúkọ ẹ̀sìn kọ̀ọ̀kan kò tún ọ̀ràn náà ṣe, nítorí bí a bá ka Kìrìsìtẹ́nì, Mùsùlùmí àti Oníṣẹ̀ṣe tán, ẹni tí kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì ń dúró kí wọ́n pe òun.

Èdè Yorùbá ní ọ̀nà tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun náà ni ìkíni “ẹ kú”. Ohun tí ènìyàn ṣe tàbí ipò tí ó wà ni a fi ń kí i, kì í ṣe ohun tí ó gbà gbọ́. Ẹni tí ó rìnrìn àjò gba “ẹ kú ìrìn”, ẹni tí ó ti ń dúró de ètò gba “ẹ kú ìdúró”, ẹni tí ó wá gba “ẹ kú àbọ̀”, èyí tí a ń pè pọ̀ ní “ẹ káàbọ̀”. Kò sí ẹni tí ó wà níbẹ̀ tí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí kò kàn.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà. Ọ̀rọ̀ náà àdúrà kò ní ìṣòro. Láti inú èdè Lárúbáwá ni ó ti gba ọ̀dọ̀ àwọn Hausa wọ Yorùbá, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí sì jọ ń lò ó lónìí. Ibi tí ìṣòro wà ni “a”, tí ó fa gbogbo ènìyàn wọ inú àdúrà tí wọn kò mọ bí yóò ṣe lọ. Bí ẹbí kan bá fẹ́ gbàdúrà ní ìlànà ẹ̀sìn wọn, kí olùdarí dárúkọ ẹni tí yóò ṣe é: “Bàbá ìyàwó yóò ṣàdúrà fún àwọn ọmọ wa, ẹni tí ó bá wù, kí ó bá wọn dáhùn.” Kò pàṣẹ ìdáhùn kan pàtó. Ẹni tí ó ń ṣe “àmín” yóò ṣe é, ẹni tí ó ń wí pé “àṣẹ” yóò wí i.

Orúkọ Ọlọ́run. Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí jọ ń pe Ọlọ́run, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí a máa kọ ọ́ ní Ọlọ́hun. Olódùmarè ni Oníṣẹ̀ṣe sábà máa ń pè é. Ẹni tí kò ní ẹ̀sìn kò pe ọ̀kankan. Ṣùgbọ́n gírámà Yorùbá fún wa láàyè láti súre láìdárúkọ ẹni tí yóò mú ire náà ṣẹ. “Kí Ọlọ́run bùkún ilé wọn” ní olùṣe. “Kí ilé wọn tutù” kò ní in, ìre náà sì pé.

Bí a bá tún ọ̀rọ̀ olùdarí náà kọ, ó lè rí báyìí:

> Ẹ̀yin ẹbí, ará, ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀, ẹ kú àbọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ọ̀nà jíjìn wá, ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà níbí láti àárọ̀, ẹ kú ìdúró. Àwọn ọmọ wa méjì yìí ni ó kó gbogbo wa jọ. Kí oníkálukú fi ọkàn súre fún wọn, bí ó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Kí ilé wọn tutù, kí ìfẹ́ wọn dalẹ́, kí àlàáfíà máa bá wọn gbé.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ra fún àmì ohùn orí “dalẹ́”. Ìfẹ́ tí ó dalẹ́ ni èyí tí ó pẹ́ títí dé òpin. Bí ohùn ìparí bá lọ sílẹ̀, ó di “dalẹ̀”, èyí tí í ṣe ìwà ọ̀dàlẹ̀, kò sì sí ìyàwó tí ó fẹ́ gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà.

Ẹni tí ó ń túmọ̀ fún ẹbí Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù ní ohun kan sí i láti mọ̀. Òfin Ìgbéyàwó ti 1949 ní Ínglándì àti Wélísì kò gba ìsìn kankan láàyè nínú ìgbéyàwó tí a ṣe ní ọ́fíìsì rẹ́jísírà. Kí atúmọ̀ má ṣe fi “ní orúkọ Ọlọ́run” kún ọ̀rọ̀ tí rẹ́jísírà kò sọ, bí ó tilẹ̀ rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe dùn létí àwọn àgbà. “Kí ilé wọn tutù” ti tó wọn, bí rẹ́jísírà bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ súre.

Ọ̀nà láti dán ọ̀rọ̀ náà wò kò le. Kí a kà á sókè fún ẹnì kan láti ìhà kọ̀ọ̀kan kí ọjọ́ tó pé, kí a sì tẹ́tí sí bí wọ́n ṣe ń dáhùn. Ìkíni Yorùbá kì í lọ láìsí ìdáhùn. Gbólóhùn tí ẹnì kan nínú wọn bá dákẹ́ sí, tí àwọn yòókù sì dáhùn, òun gan-an ni ó yẹ kí a padà sí.