Sílíńdà Kejì Ló Ń Mísì, Ta Ló Fà Á?

Iná aláwọ̀ ìyeyè tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì ti tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù Toyota Corolla ọdún 2005 kan. Ọkọ̀ náà ń gbọ̀n bó bá dúró sójú kan, kò sì lágbára mọ́ láti gun òkè. Rẹwáyà ki sikánà bọ ojú rẹ̀ lábẹ́ sítíárìn, P0302 ló yọ. "Ọ̀gá, kọ́ìlì ti lọ. Ẹ ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

Ó yá a jù. P0302 ò dárúkọ kọ́ìlì rárá. Ohun tó sọ ni pé sílíńdà kejì ń mísì, pé epo inú rẹ̀ kò jó bó ṣe yẹ. Bíréènì ọkọ̀ kì í wo inú sílíńdà. Yíyí káráńkì ló ń ṣọ́: bó bá kan sílíńdà kejì láti tì í, tí káráńkì wá fà sẹ́yìn díẹ̀, ó ti mọ ọ̀lẹ tó wà níbẹ̀. Ohun tó sọ ọ́ di ọ̀lẹ ni kò mọ̀.

Ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE tó wà nínú ọkọ̀ yìí ní kọ́ìlì mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí púlọ́ọ̀gì tirẹ̀. Nítorí náà, àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n fi sípánà 10 tú kọ́ìlì kejì àti ìkẹta, wọ́n fi ìkan sáyè ìkejì. Ọ̀dọ̀ bẹ́líìtì ni wọ́n ti ń ka sílíńdà o. Wọ́n pa kóòdù rẹ́, wọ́n wa ọkọ̀ lọ wá bọ̀. Ká ní P0303 ló yọ, kọ́ìlì ló jẹ̀bi, ẹyọ kan péré ni wọn ì bá sì rà.

P0302 ló tún yọ.

Wọ́n wá tú púlọ́ọ̀gì. Òróró kò sí nínú ihò rẹ̀. Bó bá wà, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ló ń jò. Àlàfo ẹnu rẹ̀ pé mìlímítà 1.1. Àmọ́ ó gbẹ, ó sì mọ́ fínnífínní, nígbà tí àwọn yòókù pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Púlọ́ọ̀gì tí kò bá tan iná sábà máa ń rin fún bẹntiróòlù. Èyí tó gbẹ báyìí, àfàìmọ̀ ni kì í ṣe pé epo ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó wá ku nọ́sù, èyí tó ń fọ́n epo sínú. Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, wọ́n fi orí sukurudíráfà gígùn kan nọ́sù kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi etí sí ìdí rẹ̀. Mẹ́ta ń dún tá-tá-tá, ìkejì dákẹ́. Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n fi mítà wọ̀n ọ́n: óòmù 14, kò sí àléébù. Ta ló kù? Sọ́kẹ́ẹ̀tì wáyà rẹ̀: ìpata aláwọ̀ ewé ti jẹ ẹsẹ̀ kan nínú rẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, nọ́sù bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Bó bá dún, tí sílíńdà ṣì ń mísì, ó lè ti dí. Bí kò bá sì dí, kí wọ́n wọn kọ́mpírẹ́ṣọ̀nù. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ni iná náà ń ṣẹ́jú, kí awakọ̀ má wà á lọ síbì kankan: epo tí kò jó ń wọnú kátálísì, ó sì lè ba á jẹ́.