Abẹ́rẹ́ tí a ń fún ìyá nítorí ọmọ tí kò tí ì lóyún rẹ̀

Ẹ̀yin ìyàwó ọ̀dọ́ àti ẹ̀yin abiyamọ, bí ẹ bá wo káàdì tí wọ́n fún yín ní ilé ìwòsàn nígbà tí ẹ lọ forúkọ oyún sílẹ̀, ẹ ó rí ibi tí wọ́n kọ irú ẹ̀jẹ̀ yín sí. Lẹ́yìn lẹ́tà A, B, AB tàbí O, àmì kékeré kan wà níbẹ̀, yálà ti àròpọ̀ (+) tàbí ti àyọkúrò (–). Ẹni tí ó ní àmì àròpọ̀ ni a ń pè ní Rísọ́sì pọ́sítíìfù. Ẹni tí ó ní ti àyọkúrò ni Rísọ́sì nẹ́gẹ́tíìfù. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ AA, AS àti SS tí a máa ń bèèrè kí a tó ṣe ìgbéyàwó ni èyí. Ọ̀tọ̀ ni ti ìyẹn, ọ̀tọ̀ ni ti èyí.

Ohun kan ni ó máa ń wà lára àwọn hóró pupa inú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, òun ni a ń pè ní Rísọ́sì. Láàárín àwa ènìyàn Nàìjíríà, nǹkan bí ẹni 5 tàbí 6 nínú 100 ni kò ní in. Àìní in kì í ṣe àrùn, kò sì dí obìnrin lọ́wọ́ láti lóyún. Bí ọkọ àti aya bá jọ jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù, nẹ́gẹ́tíìfù náà ni àwọn ọmọ wọn yóò jẹ́, kò sì sí ìjà kankan. Ibi tí ìṣòro ti ń wá ni bí aya bá jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù tí ọkọ sì jẹ́ pọ́sítíìfù, nítorí pé ọmọ inú rẹ̀ lè mú ẹ̀jẹ̀ baba rẹ̀.

Nígbà tí ọmọ wà nínú, ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ti ọmọ kì í sábà dàpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà ìbímọ, tí ibi bá ń já kúrò lára ilé ọmọ, ẹ̀jẹ̀ ọmọ díẹ̀ lè kán sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá. Ara ìyá yóò rí i pé àlejò wọlé, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ ogun jọ láti lé àlejò náà. Iṣẹ́ yìí máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọmọ tí ó fà á sì ti wà ní ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ní àkókò náà. Ìdí nìyí tí àkọ́bí fi sábà máa ń bọ́. Ṣùgbọ́n ara kì í gbàgbé. Bí oyún mìíràn tí ó ní Rísọ́sì bá tún dé, kíákíá ni àwọn ọmọ ogun náà yóò dìde; wọn yóò gba inú ibi kọjá sọ́dọ̀ ọmọ, wọn yóò sì máa fọ́ hóró ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ìyàwó kan jẹ́ O nẹ́gẹ́tíìfù, ọkọ rẹ̀ sì jẹ́ O pọ́sítíìfù. Ó bí àkọ́bí rẹ̀ láìsí wàhálà, kò sì sí ẹni tí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ní ọdún méjì lẹ́yìn náà ó bí èkejì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹyinjú ọmọ náà ti pọ́n bí epo, kò sì fẹ́ mu ọmú mọ́. Wọ́n ní láti pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kí ohun tí ó mú ara rẹ̀ pọ́n má bàa ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Oyún kẹta kò tilẹ̀ pé oṣù tí ọmọ fi kú sí inú, gbogbo ara rẹ̀ sì wú. Àwọn aládùúgbò ní àbíkú ni, àwọn mìíràn ní ayé ni. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí ó kán sínú ìyá ní ọjọ́ tí ó bí àkọ́bí ni ó fa gbogbo rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ tí a ń pè ní áńtí-Dí ni ìbá ti dá a dúró. Láti ọdún 1968 ni àwọn oníṣègùn ti ń lò ó. Ara ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn tí ó ti ní irú ọmọ ogun wọ̀nyí ni a ti ń mú un jáde. Bí a bá gún ìyá ní díẹ̀ nínú rẹ̀, àwọn ọmọ ogun àyálò yìí yóò pa hóró ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí ó ṣáko wọlé rẹ́ kí ara ìyá fúnra rẹ̀ tó fura. Lẹ́yìn oṣù bíi mẹ́ta, àwọn àyálò náà yóò ti pòórá. Nítorí náà ni a ṣe ń gba abẹ́rẹ́ náà ní oyún kọ̀ọ̀kan. Ti àná kò lè ṣiṣẹ́ ti òní.

Bí ó ti yẹ kí ó rí fún ìyàwó inú àpẹẹrẹ wa nìyí. Nígbà tí ó forúkọ sílẹ̀, wọn ì bá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ọmọ ogun ti wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, wọn ì bá fún un ní abẹ́rẹ́ kan nígbà tí oyún bá tó ọ̀sẹ̀ 28. Ní ọjọ́ ìbímọ, wọn ì bá gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti inú okùn ìwọ́ ọmọ. Bí ọmọ bá jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù, ọ̀rọ̀ parí, kò sí abẹ́rẹ́ mìíràn. Bí ó bá jẹ́ pọ́sítíìfù, ìyá gbọ́dọ̀ gba òmíràn kí wákàtí 72 tó kọjá: bí ó bá bímọ ní aago mẹ́rin ìdájí ọjọ́ Ajé, kò gbọdọ̀ kọjá aago mẹ́rin ìdájí Ọjọ́bọ̀. Bí ẹ bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ṣì lọ. Ó lè ṣe àǹfààní díẹ̀ títí di ọjọ́ kẹwàá.

Kì í ṣe ìbímọ nìkan ni ẹ̀jẹ̀ ọmọ fi ń kán sínú ìyá. Bí oyún bá bàjẹ́, bí a bá ṣẹ́ ẹ, bí ó bá dúró sí ibi tí kì í ṣe ilé ọmọ, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára aboyún, tàbí bí ó bá ṣubú tí ó fi ikùn gbálẹ̀, ó yẹ kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó sì sọ pé nẹ́gẹ́tíìfù ni òun. Èyí tí oyún bàjẹ́ nínú ilé, tí a sì dákẹ́ lé lórí, lè ba ti ọjọ́ iwájú jẹ́.

Abẹ́rẹ́ náà ní ààlà tirẹ̀. Ìwọ̀n kan tí a ń lò káàkiri lè káwọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí ó tó nǹkan bíi ṣíbí tíì mẹ́fà. Bí ìbímọ náà bá le tàbí tí ẹ̀jẹ̀ dà púpọ̀, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, oníṣègùn yóò sì fẹ́ wọ̀n ọ́n wò. Bákan náà, bí ara ìyá bá ti kó ọmọ ogun tirẹ̀ jọ, áńtí-Dí kò lè tú wọn ká mọ́. Ohun tí ó kù ni pé kí àwọn oníṣègùn máa ṣọ́ oyún náà gidigidi, kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyá wò lóòrèkóòrè, kí ó sì bímọ ní ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti lè pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ.

Bí ẹ bá jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù, ẹ máa wo ọmọ tuntun yín ní ojúmọmọ láti ọjọ́ kìíní. Ẹ wo funfun ojú rẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ èrìgì rẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá ó pọ́n. Ibà pọ́njú tí ó bá yọ kí ọmọ tó pé ọjọ́ kan láyé kì í ṣe èyí tí a ń yá oòrùn fún. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù fún ẹ̀yin àti ọkọ yín. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ni ó ń ní abẹ́rẹ́ yìí lọ́wọ́, ó wọ́n, inú fíríìjì ni ó sì gbọ́dọ̀ máa wà. Ẹ bèèrè ibi tí ẹ ó ti rí i kí oyún tó pé oṣù méje, nítorí wákàtí 72 kéré púpọ̀ fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ láti máa wá owó àti oògùn kiri.